Ẹ sọ ìrírí yín: òwe wo lẹ gbé lọ sí Gẹ̀ẹ́sì tó sì dún dáadáa?

Atúmọ̀ fíìmù, Súrùlérè
Iṣẹ́ mi ni kíkọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá. Wọ́n gbé ọ̀kan wá kí n tún un ṣe. Ìjà ilẹ̀ ni, ìyàwó ilé kojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó dákẹ́, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é to Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí Yorùbá ṣe tò ó. Mo fi han ọmọ Kàlàbá kan níbi iṣẹ́ wa, mo ní kí lobìnrin yìí ń fẹ́. Ó ní ó ń sọ pé kò sí àgbà lọ́jà, àti pé nǹkan ń ṣe orí ọmọ kan.

Ibi méjì ló ti dàrú. "Kì í" tiwa kó gbogbo gbólóhùn pọ̀, ó ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yẹn gbé e lé wíwà lọ́jà nìkan. Èkejì, òwe ò dárúkọ ẹ̀yìn ìyá, torí gbogbo wa la ti rí ìkókó tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀ tí orí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àgbà kan á ní kí wọ́n tún ọmọ pọ̀n. Ẹni tí ò rí i rí á rò pé àìsàn ni.

Tí ẹ bá dá ohun tí mo kọ padà sí Yorùbá, á jẹ́: "Kò sí àgbà tó wà lọ́jà tí í jẹ́ kí orí ìkókó wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀." Lẹ́tà 42 ni wọ́n fún mi lórí ìlà kan, ìlà 2. Ó wọlé.

Tíṣà, Èbúté Mẹ́ta
Ẹ ò bá kọ pé "ẹ̀yin lẹ dàgbà, ẹ dá sí i" kó parí. Ìtumọ̀ náà nìyẹn.

Atúmọ̀ fíìmù, Súrùlérè
Òótọ́ ni, ohun tó ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lópin ìran náà, ẹ̀gbọ́n dìde, ó ní: "Ìyàwó wa, mo ti dé ọjà." Bí a bá ti yọ ọjà kúrò, ọ̀rọ̀ yẹn á dà bíi pé ó lọ ra nǹkan.

Ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìsàlẹ̀ Èkó
Èmi, nígbà tí pásítọ̀ bá fi òwe Gẹ̀ẹ́sì wàásù ni mo máa ń wá tiwa tó bá a mu kíákíá.

Tíṣà, Èbúté Mẹ́ta
Ìyẹn yàtọ̀ o, láti Gẹ̀ẹ́sì wá sílé ni. Èmi fi "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn" kọ́ ọmọ kíláàsì mi, mo kàn to Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bó ṣe rí, ó sì yé wọn.

Atúmọ̀ fíìmù, Súrùlérè
Torí gbogbo àwòrán rẹ̀ ti wà lẹ́nu òwe ni. Kò sí ohun tó fi pamọ́.

Màmá Àdúbí, Láfíàjí
Mi ò fara mọ́ ẹ̀yìn ìyá tí ẹ fi kún un. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó náà ronú díẹ̀.

Atúmọ̀ fíìmù, Súrùlérè
Ẹ ṣeun mà. Tó bá jẹ́ ìwé ni, mo lè gbà, torí òǹkàwé lè dúró. Lórí fíìmù, ìlà yẹn á ti lọ kó tó ronú.

Màmá Àdúbí, Láfíàjí
Kó dá fíìmù padà sẹ́yìn!