Nígbà tí pépà àti iṣẹ́ àṣetiléwá bá forí gbárí: ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa

Ìwé Ò Lópin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ká jọ sọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé bá kó sínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Tèmi rèé. Pépà mẹ́ta ni mo ní: Sítátísítíìsì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ẹ́kọ́nọ́míìsì lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Akáǹtì láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Àròkọ Ẹ́kọ́nọ́míìsì gbọ́dọ̀ wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjábọ̀ Sítátísítíìsì sì gbọ́dọ̀ wọlé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ 10 ló kù kí pépà àkọ́kọ́ tó dé.

Mo kọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà sílẹ̀. Àròkọ 14, ìjábọ̀ 10, kíkà Sítátísítíìsì 18, Ẹ́kọ́nọ́míìsì 14, Akáǹtì 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 72. Mo wá wo wákàtí tí mo ní. Wákàtí 5 lóòjọ́ ni ìwé máa ń wọ̀ mí lórí dáadáa, ìyẹn 50 kí Ọjọ́ Ajé tó dé. Láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, mi ò retí ju 4 lọ lójúmọ́, ìyẹn 16. Ó jẹ́ 66. Wákàtí 6 ló dín.

Mi ò fi oorun dí i. Ohun tí mo wò ni ibi tí iṣẹ́ kan ti ń ṣe iṣẹ́ èkejì. Rigiréṣọ̀n ni ìjábọ̀ yẹn dá lé lórí, rigiréṣọ̀n sì wà lára ohun tí wọ́n ní ká kà fún pépà Ọjọ́ Ajé. Bí mo bá kọ ìjábọ̀ náà ṣáájú pépà, tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣàlàyé àbájáde rẹ̀, mo ti ka apá yẹn tán. Wákàtí 3 nìyẹn. Orí tí àròkọ náà ti jáde wà nínú pépà Ọjọ́rú, ìyẹn sì dá wákàtí 4 padà. Iṣẹ́ di 65, ó wọ inú 66. Iṣẹ́ méjèèjì ti wọlé kí n tó jókòó sí pépà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni gbèdéke ọ̀kan.

Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

Pépà Lọ́gá

O ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ lójú tèmi, pépà lọ̀gá. Pépà gba 70, iṣẹ́ gba 30. Bí àyè ò bá gba méjèèjì, mo máa ń ka pépà mi, kí iṣẹ́ pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n yọ máàkì tí wọ́n bá fẹ́ yọ. Mo ṣe é lọ́dún tó kọjá, kò pa mí lára.

Alága Ìkàwé

Àbúrò, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ kò pé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to ètò ìdánwò wọn, ohun kan náà ni mo sì máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe: ẹ yí ìyà pípẹ́ padà sí máàkì kọ́ọ̀sì.

Ká ní iṣẹ́ kan gba 20 nínú kọ́ọ̀sì, tí olùkọ́ sì ń yọ máàkì 5 nínú 100 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá pẹ́. 5 nínú 100 iṣẹ́ tó gba 20 jẹ́ máàkì 1 péré nínú kọ́ọ̀sì. Bí ọjọ́ kan tí o fi ka ìwé bá lè fi máàkì 10 nínú 100 kún pépà tó gba 70, máàkì 7 nìyẹn nínú kọ́ọ̀sì. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ jóòótọ́, pípẹ́ ọjọ́ kan lérè.

Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan wà tí wọn kì í gba iṣẹ́ mọ́ bí gbèdéke bá ti kọjá, òdo ni. Ìṣẹ́jú kan péré lè gba gbogbo 20 náà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn kan ní kó o yege nínú iṣẹ́ àti nínú pépà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bó ò bá yege nínú ọ̀kan, o ti kùnà nínú kọ́ọ̀sì náà. Ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì tí wọ́n pín níbẹ̀rẹ̀ sáà ni gbogbo èyí wà. Ojú ìwé tó ń ṣàlàyé máàkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, kẹ́ ẹ tó pinnu èyí tó máa pẹ́.

Ìwọ Ìwé Ò Lópin, mo gba tìrẹ gidi gan-an. Ohun kan ló kù: wákàtí 14 tó o kọ fún àròkọ, báwo lo ṣe mọ̀? Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ sábà máa ń ṣírò wákàtí ìwé kíkà àti kíkọ nìkan, wọ́n á gbàgbé àtòjọ ìwé ìtọ́kasí àti títún un kà.

Ìwé Ò Lópin

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́, mo wo aago, mo fi ìyẹn ṣírò ìyókù. Mo fi wákàtí 2 sílẹ̀ fún ìtọ́kasí nìkan, ó sì gbà á pátá.

Ọmọ Lẹ́ẹ̀bù

Tèmi ò tún jọ tiyín o! Pépà méjì ni wọ́n fi sí aago 9 ọjọ́ kan náà fún mi, torí mo ń tún kọ́ọ̀sì ọdún tó kọjá ṣe. Ṣé kí n lo wákàtí tẹ́ ẹ ń ṣírò yìí ni?

Alága Ìkàwé

Rárá o, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètò kíkà. Èèyàn ò lè wà ní gbọ̀ngàn méjì. Mú nọ́ńbà kọ́ọ̀sì méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò lónìí, nígbà tí táímùtébù ṣì jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé èyí tó kẹ́yìn jáde, yíyí i padà á nira ju báyìí lọ.

Àwa Márùn-ún

Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ ẹgbẹ́. Àwa márùn-ún la pín ìjábọ̀ kan, olúkúlùkù sì parí tirẹ̀ lọ́jọ́ tá a dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó o pọ̀, tábìlì kan ń lo ìdá ọgọ́rùn-ún, òmíràn ń lo nọ́ńbà lásán, ènìyàn méjì sì ti ṣàlàyé ohun kan náà. Odindi ìrọ̀lẹ́ ló bá a lọ, pépà mi sì wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní báyìí, mo máa ń ní kí gbogbo apá wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú gbèdéke. Bí apá ẹnì kan kò bá tíì dé ìdajì ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, a ti mọ̀ pé ó máa pẹ́ nìyẹn, a ó tún un pín.

Pépà Lọ́gá

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo ìwé ìlànà. Ọ̀kan nínú kọ́ọ̀sì mi sáà yìí kò gba iṣẹ́ tó pẹ́ rárá. Mo dúpẹ́ gan-an. Ṣé mo lè bẹ olùkọ́ kó sún un síwájú?

Alága Ìkàwé

Bẹ̀ ẹ́, àmọ́ bẹ̀ ẹ́ báyìí, má dúró di alẹ́ ọjọ́ gbèdéke. Kọ ọ́ kúrú: pépà tó o ní àti ọjọ́ wọn, ibi tó o bá iṣẹ́ náà dé, àti ọjọ́ kan pàtó tó o fẹ́ kó sún un sí. So táímùtébù mọ́ ọn. Ọjọ́ méjì rọrùn fún un láti gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó bá ní rárá, ọjọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ láti tún ètò ṣe.

Ìwé Ò Lópin

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣì ń dà mí láàmú. Nínú ọjọ́ 10 yẹn, ṣé kí n parí Sítátísítíìsì kí n tó ṣí Akáǹtì, àbí kí n máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́?

Àwa Márùn-ún

Bí mo bá pààrọ̀ wọn, ó máa ń pẹ́ kí orí mi tó padà sínú èyí tí mo fi sílẹ̀ lánàá. Ọ̀kan tán ni mo máa ń ṣe.

Alága Ìkàwé

Pípadà yẹn gan-an ló ń mú kó dúró lórí, bó tilẹ̀ nira. Èmi máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ tó ṣáájú pépà. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tí ọ̀kan tán bá lára mu, mi ò sì lè sọ pé wọ́n jìyà rẹ̀. Ìwé Ò Lópin, dán an wò fún ọjọ́ méjì, kó o fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá kan dán ara rẹ wò lórí ohun tó o kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.