Ímeèlì Faransé 67, ọ̀gá ní ojú ìwé kan ṣoṣo lòun fẹ́

Olùbéèrè, Àgbádárìgì: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí, orí ń fọ́ mi. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń fún òróró àgbọn ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Láti oṣù kẹta la ti ń bá oníbàárà kan ní Kùtọnu sọ̀rọ̀ ní Faransé lórí kẹ́ẹ̀gì 400, èmi ni mo sì ń tẹ gbogbo ẹ̀. Lónìí Ọjọ́rú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí mo ti gbé báàgì kọ́rùn, ọ̀gá yọjú, ó ní kí n sọ ímeèlì 67 di ojú ìwé kan: ohun tí a ti fẹnu kò lé lórí, àti ohun tó ṣì wà nílẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ ẹ. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá mo ti jẹun. Ọmọ tó gbà lóṣù tó kọjá ń gba owó jù mí lọ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní Faransé. Mo ti tẹ ímeèlì 31 jáde, mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin, n kò tíì dé ìdajì. Báwo lẹ ṣe ń dín nǹkan báyìí kù?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọkọ mi náà ń tajà ní Àjàṣẹ́, Faransé yìí fojú wa rí màbo. Ìwọ lọ sí Abúlé Faransé ní Àjàrà, wàá rí ẹni tó máa kọ́ ẹ.

Olùbéèrè: Mà, mo gbọ́ Faransé. Ọdún kan ni mo fi kà á ní Àjàrà níbẹ̀. Bí ó ṣe máa kúrú ni mi ò mọ̀.

Ọmọ Èpè: Kí lo ń tẹ 67 jáde fún? Ìgbẹ̀yìn nìkan ni kí o kà. Gbogbo èyí tó ṣáájú máa ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Bọ̀dá Sèmè: Ọmọ Èpè, ìdajì òótọ́ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fèsì sí ímeèlì ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti ya ọ̀nà méjì nìyẹn, èyí tó kẹ́yìn kò ní gbé ẹ̀ka kejì dání. Ìwé tí wọ́n so mọ́ ímeèlì kì í sì í bá èsì rìn. Àbúrò, ojú ìwé mẹ́rin tí o kọ yẹn, ìtàn lo ń kọ. Kí ọ̀gá rẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò wúlò fún un. Mú ìwé òfìfo kan, kọ orúkọ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yín sí ẹ̀gbẹ́ kan: iye owó, kẹ́ẹ̀gì, ọkọ̀, ọjọ́ tí ẹrù máa dé, bí wọ́n ṣe máa sanwó. Kò ní ju mẹ́fà lọ. Wá bẹ̀rẹ̀ láti ímeèlì tó kẹ́yìn, máa padà sẹ́yìn. Ibi tí o bá ti kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pàdé, ibẹ̀ ló dúró sí. Wò ó bóyá ẹ̀yin méjèèjì ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí i. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, ó ṣì wà nílẹ̀, kódà kí o ti gbàgbọ́ pé ó ti parí. Kọ déètì ímeèlì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá lè rí i bó bá bi ọ́. Fún wa ní ẹyọ kan nínú èyí tí o kọ pé ó ti parí.

Olùbéèrè: Iye owó. Wọ́n ti gbà á. Wọ́n kọ ọ́ gbangba: "d'accord sur le principe, sous réserve des résultats du laboratoire".

Bọ̀dá Sèmè: Wọn ò tíì gbà á o! Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò burú lójú àwọn, ṣùgbọ́n àyàfi tí èsì láàbù bá tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ṣé èsì láàbù ti lọ?

Olùbéèrè: Mo fi ránṣẹ́ lóṣù kẹrin. Wọn ò sọ nǹkan kan sí i.

Bọ̀dá Sèmè: Nígbà náà, abẹ́ ohun tó ṣì wà nílẹ̀ ló máa lọ: "Owó: wọ́n fara mọ́ ọn bí láàbù bá dáa. A fi èsì ránṣẹ́, wọn ò tíì fèsì. Àwọn ló kàn." Gbólóhùn mẹ́ta péré. Kọ Faransé wọn gan-an sí abẹ́ rẹ̀, má túmọ̀ rẹ̀ nìkan, nítorí orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjà máa ń bá ènìyàn.

Àǹtí Ìkòròdú: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Oṣù kẹta títí di òní, kí ló dé tí ẹ ò máa ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ẹ sì ní ọ̀gá ló burú.

Olùbéèrè: Àǹtí, iṣẹ́ mẹ́ta ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ti ọkọ̀ ńkọ́? Èyí dá mi lójú. A béèrè ẹni tó máa sanwó ọkọ̀ láti Sèmè dé Kùtọnu, ọ̀gá sì kọ "à votre charge" sí i. Àwọn ni wọ́n máa san án.

Bọ̀dá Sèmè: Nínú ímeèlì ta ni o ti rí i?

Olùbéèrè: Tiwọn. Wọ́n da lẹ́tà wa padà, wọ́n sì kọ sókè pé "mes réponses en rouge", pé pupa ni èsì àwọn.

Bọ̀dá Sèmè: Àbúrò, ṣé pírińtà yín ní ìyíǹkì pupa?

Olùbéèrè: Rárá, dúdú nìkan.

Ọmọ Èpè: Yéè!

Olùbéèrè: Mo ti ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Pupa ni. Àwọn ló sọ ọ́. Àwa ni "votre" yẹn. Mo ti kọ ọ́ pé àwọn ló máa san án o.

Bọ̀dá Sèmè: Padà sórí kọ̀ǹpútà fún gbogbo èyí tí wọ́n bá ti fèsì sáàárín ọ̀rọ̀ yín. Kí ló wà nínú èyí tó kẹ́yìn pátápátá?

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi kò fi ọkọ̀ ṣeré. Lọ́dún kan, aṣọ rẹ̀ sùn sí ẹnubodè Kraké fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé kò sẹ́ni tó gbà pé òun ló máa sanwó...

Olùbéèrè: Èyí tó kẹ́yìn dé lọ́jọ́ Ẹtì. Òkú ni mo lọ ṣe, n kò fọkàn kà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sanwó gbogbo ẹrù lẹ́yìn tó bá dé, "30 jours fin de mois". Ìdajì ṣáájú la ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìlà kan wá wà nísàlẹ̀: "Sauf avis contraire de votre part avant jeudi midi".

Bọ̀dá Sèmè: "Jeudi" ni ọ̀la. Aago Kùtọnu àti tiwa kan náà ni. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan di ọ̀sán ọ̀la, wọ́n á ní ẹ ti gbà. Ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti déètì ìnfọ́ọ̀sì, kí o tún dúró di òpin oṣù yẹn. Bí ìnfọ́ọ̀sì bá jẹ́ 5 oṣù kẹfà, 31 oṣù keje ni owó máa wọlé. Ṣé ọ̀gá rí ímeèlì yìí?

Olùbéèrè: Kò sí nínú ẹ̀. Òun ló ní kí n yọ òun kúrò lóṣù karùn-ún, pé fóònù òun ń dún jù.

Àǹtí Ìkòròdú: Láti ọjọ́ Ẹtì!

Ọmọ Èpè: Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ kò gbà. Wọn ò lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mú yín.

Bọ̀dá Sèmè: Ó sinmi lórí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti dákẹ́ rí tí ẹ sì kó ẹrù fún wọn, wọ́n á fi ìyẹn dáhùn.

Ọmọ Èpè: Síbẹ̀, ẹ ò buwọ́ lùwé.

Olùbéèrè: A ti dákẹ́ rí, lórí bébà ara kẹ́ẹ̀gì. Ṣé kí n fi ti owó yìí sí abẹ́ ohun tó ṣì wà nílẹ̀?

Bọ̀dá Sèmè: Òkè pátápátá ni, ṣáájú ohun tí ẹ ti fẹnu kò lé lórí, kí ó sọ aago. Ṣùgbọ́n má dúró de aago mẹ́jọ. Pe ọ̀gá báyìí.

Olùbéèrè: Ó ti gbé fóònù. Ó ń pariwo. Ó ní ta ló ní kí n yọ òun kúrò nínú ímeèlì. Mò ń bọ̀.