Èèyàn 19, yàrá 9: báwo ni kí n ṣe pín wọn?

Ṣadé, Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo máa mú àwọn àlejò kan láti Ìbàdàn rìn yíká Ìsàlẹ̀ Èkó lóṣù tó ń bọ̀. Òru 2 la máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá Oníkan. Yàrá 9 ni wọ́n fi pamọ́ dè wá, wọ́n sì ní kí n fi orúkọ àti bí a ṣe máa sùn ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Èèyàn 19 ni wọ́n: tọkọtaya 2, obìnrin 7, ọkùnrin 5, àti ìyá kan pẹ̀lú ọmọ ọdún 11 àti ọmọ ọdún 4. Bí mo ṣe pín in tó, ọkùnrin kan ń ṣẹ́kù, obìnrin kan náà ń ṣẹ́kù. Mo rò pé kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì kan kún yàrá àwọn obìnrin. Màmá kan ń fi ọ̀pá rìn, ẹlòmíràn ń gún abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì. Kí ni kí n kọ?

Bọ̀dá Gàní:
Kí ló le ńbẹ̀? Kí wọ́n tẹ́ fóòmù sílẹ̀ nínú yàrá ẹlẹ́ni méjì. Fi wọ́n sí mẹ́ta-mẹ́ta, yàrá á tún ṣẹ́kù.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ṣadé, ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa sùn? Awakọ̀ yín ńkọ́, ṣé inú bọ́ọ̀sì ni? Ohun tí a máa ń gbàgbé nìyẹn. 21 ni yín, ẹ kì í ṣe 19. Ìwọ àti obìnrin tó ṣẹ́kù ni ẹ máa jọ sùn, ọkùnrin tó ṣẹ́kù á bá awakọ̀ sùn. Tọkọtaya yàrá 2, ọkùnrin yàrá 3, obìnrin yàrá 4, ìyá àwọn ọmọ 1. Ó di 10. Yàrá kan ló kù ọ́ kù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Pè wọ́n lónìí.

Bẹ́ẹ̀dì àfikún tí ẹ nílò gan-an, ti ọmọ ọdún 11 ni. Ọmọ ọdún 4 lè bá ìyá rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá. Béèrè bóyá àyè wà nínú yàrá yẹn, torí yàrá tí bẹ́ẹ̀dì 2 ti wà kì í sábà gba ẹ̀kẹta, Gàní. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi há a, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kò ní rí ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀. Béèrè iye rẹ̀ lálẹ́ kan, kí o sì béèrè nípa oúnjẹ àárọ̀: ọ̀pọ̀ ibi, ti èèyàn 2 ni wọ́n kà mọ́ owó yàrá, ọmọ yẹn á di gbèsè lọ́wọ́ rẹ.

Má kọ "yàrá dọ́bù" fún àwọn tí kì í ṣe tọkọtaya. Kọ "bẹ́ẹ̀dì 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀". Mo ti mú bàbá 2 tí kò mọra wọn rí dé ẹnu yàrá kan ní agogo 11 alẹ́, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀.

Múrí Ebute Mẹ́ta:
Èmi ti bá ẹni tó ń hanrun sùn rí o! Títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú mi kò kan oorun. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó pín wọn. Kí ẹni tó ń hanrun dá yàrá gbà.

Bọ̀dá Gàní:
Ta ló máa san owó yàrá ẹyọ ẹni tó ń hanrun?

Múrí Ebute Mẹ́ta:
Òun fúnra rẹ̀ ni.

Bọ̀dá Gàní:
Ẹni tí kò lè sùn ló yẹ kó san án.

Ṣadé, Yábàá:
Háà! Mo gbàgbé ara mi ní tòótọ́. Mà, tí kò bá sí yàrá kẹwàá ńkọ́? Àwọn aláìsàn yẹn sì ńkọ́?

Ìyá Àdùkẹ́:
Tí kò bá sí, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Gàní á wúlò: obìnrin 8 nínú yàrá 3, bẹ́ẹ̀dì àfikún 2, ṣùgbọ́n nínú yàrá tó tóbi nìkan.

Ti màmá tó ń fi ọ̀pá rìn, má kọ "kí ẹ tọ́jú rẹ̀". Kọ ohun tó fẹ́: ìsàlẹ̀ pátápátá, torí bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè gbé e, lífíìtì á dúró, ilé ìwẹ̀ tí kò ní báàfù tí a ń gbẹ́sẹ̀ wọ̀, àga tó lè jókòó lé wẹ̀. Fi ẹni tí yóò bá a sùn sí iwájú orúkọ rẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́, má kọ àìsàn rẹ̀ sórí ìwé tí gbogbo bọ́ọ̀sì máa rí. "Fìríìjì" nìkan ni kí o kọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, káàdì tí a ń fi ṣí ilẹ̀kùn náà ló ń tan iná yàrá. Bí ẹ bá yọ ọ́ jáde láàárọ̀, fìríìjì lè kú títí ẹ ó fi dé lálẹ́. Béèrè kí ẹ tó dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gba káàdì kejì, kó wà nínú ògiri.

Ṣadé, Yábàá:
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní yàrá 1 wà lókè kẹta, àwọn á pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́. Màmá tó ń fi ọ̀pá rìn ti ní yàrá ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń hanrun ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa bi wọ́n.