Oníbàárà kò san owó tó kù: ṣé lẹ́tà yìí tọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ lógò ni, ìdajì owó ló ti wọlé.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọjọ́ 3 oṣù yìí lẹ gba iṣẹ́ náà, ọjọ́ 5 lẹ kọ̀wé pé ó tẹ́ yín lọ́rùn. Àdéhùn wa ni pé kí ìdajì tó kù wọlé láàárín ọjọ́ 14. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án, ó pẹ́ tán ọjọ́ 25. Àdéhùn náà tún sọ pé lógò náà kò tíì di tiyín títí owó yóò fi pé.”

Èsì ọjọ́ 5 yẹn ni mo so mọ́ ọn, torí òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ní iṣẹ́ kò dára. Mi ò tíì dárúkọ ilé ẹjọ́. Àmọ́ wọ́n ti ń lo lógò náà o! Ṣé kí n sọ ìyẹn báyìí, àbí kó di lẹ́tà kejì?