Ẹ gbà mí o: mo dá oníbàárà lóhùn, inú tún bí i jù ti tẹ́lẹ̀ lọ

Adùnní Sùúrùlérè: Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ṣọ́ọ̀bù ínfátà àti bátìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí Wátsáàpù. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo létí mi látàárọ̀, ọ̀gá mi ò sì fẹ́ kí oníbàárà kankan dúró pẹ́ kó tó rí èsì. Bàbá kan kọ̀wé láti Ṣómólú pé ínfátà àwọn ń pa lójijì. Mo fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé bátìrì wọn ló ti rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá ká bá wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Bàbá bínú! Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún ọ̀rọ̀ bátìrì ṣàlàyé, ó tún wá burú sí i. Ọ̀gá mi ti rí i, ó ní tí bàbá bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, owó oṣù mi lòun máa yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ̀bẹ̀ wo ni kí n kọ sí wọn báyìí?

Ìyá Ìbejì Muṣin: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Bátìrì yìí náà ló fojú mi rí màbo. Èyí tí mo rà kẹ́yìn, kò dé ọdún kejì tó fi wú bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́. Èló lẹ ń ta èyí tó tóbi yẹn báyìí?

Bọ̀dé Yáàbá: Ìwọ lo kù díẹ̀ káàtó, Adùnní. O ò béèrè nǹkan kan kó o tó dáhùn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìbéèrè mẹ́wàá la máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọdún wo lẹ rà á, gílóòbù mélòó, fáànù mélòó, ṣé ẹ ní fìríìjì, gbogbo ẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí bàbá kí wọ́n dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Bọ̀dé, òótọ́ ni pé ó yẹ kó béèrè, àmọ́ ẹni tínú ń bí kì í dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá. Èyí tó kẹ́yìn ló máa dáhùn, tàbí kó máà dá ọ lóhùn mọ́. Adùnní, kí gan-an ni bàbá kọ lẹ́yìn èsì rẹ? Má bá wa ṣàkópọ̀ rẹ̀. Kọ ọ́ síbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Adùnní Sùúrùlérè: Màmá Ìbejì, mo máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀gbọ́n Oníná, èébú ni wọ́n kọ, kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Bọ̀dé, ínfátà tó ń pa, bátìrì ló sábà máa ń jẹ́. Mi ò kàn dédé sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Má fojú èébú wo gbogbo rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, tí mo bá ní kí ẹnì kan lo nǹkan, tó ní "mo ti lò ó," ohun tí mo máa bi í ni bó ṣe lò ó àti ohun tó rí lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ní "kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn," mo máa padà síbi ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, torí èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tó bá ní "ó dáa, ẹ ṣé," tó sì dákẹ́. Ìyẹn ti sọ̀rètí nù. Bàbá tìrẹ ṣì ń jà, wọ́n ṣì fẹ́ kó o gbọ́ àwọn.

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Adùnní, kọ èébú náà síbí.

Adùnní Sùúrùlérè: Ó dáa. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo sọ fún ẹ pé kì í pẹ́ ni? A fi fáànù àti gílóòbù sùn mọ́jú, kò pa. Tí a bá ti tan omi ni. Ẹ̀yin ò ka nǹkan, owó nìkan lẹ mọ̀."

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Ó tán! Wo ohun tó wà nínú ìbínú yẹn. Àkọ́kọ́, o dáhùn bí ẹni pé ínfátà kì í pẹ́, wọ́n sì ti ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì, bátìrì ń gbé fáànù mọ́jú, torí náà kò kú. Ẹ̀kẹta, pọ́ǹpù omi ló ń pa á. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí iye wákàtí, ó ti di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá tí pọ́ǹpù fẹ́ yí. Pọ́ǹpù tó fẹ́ gbéra máa ń fa iná ní ìlọ́po ohun tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí lọ.

Bọ̀dé Yáàbá: Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn! Ínfátà wọn kéré. Sọ fún wọn kí wọ́n ra èyí tó tóbi.

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Rárá o. Ìdáhùn láìbéèrè lo tún fẹ́ kó fún wọn yẹn, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Lóòótọ́ ó lè jẹ́ pé ínfátà kéré. Àmọ́ bátìrì tó ti ń rẹ̀ lè gbé fáànù mọ́jú, kí agbára rẹ̀ sì já wálẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá fà á lójijì. Ìdè wáyà tó dẹ̀ lè fa irú ẹ̀ náà. Adùnní, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó o bi wọ́n: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá pa tí ẹ bá tan omi, kí ló máa ń hàn lójú ínfátà?" Tó bá jẹ́ OVERLOAD, a máa wo ínfátà àti pọ́ǹpù. Tó bá jẹ́ LOW BATTERY, a máa wo bátìrì àti wáyà. Kọ́kọ́ sọ fún wọn pé o ti rí i pé omi ni wọ́n ń sọ. Kò gba ẹ̀bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Adùnní Sùúrùlérè: Wọ́n ti fèsì o, wọn ò tiẹ̀ bú mi. Wọ́n ní LOW BATTERY ni, àti pé kí wọ́n tó gbé ínfátà kúrò ní pálọ̀, omi ń tan dáadáa. Bátìrì náà ni, àbí?

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Dúró ná. Ta ló gbé e kúrò ní pálọ̀?

Adùnní Sùúrùlérè: Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa ni. Bátìrì ṣì wà níbi tó wà, wọ́n gbé ínfátà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wá fi wáyà gígùn so ó mọ́ bátìrì. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò ṣe sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Muṣin: Háà! Ẹ̀yin lẹ so ó, ẹ tún fẹ́ ta bátìrì fún wọn?

Adùnní Sùúrùlérè: Màmá, kì í ṣe èmi ni mo so ó.

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Ẹ jẹ́ ká fi ìjà sílẹ̀. Ká ní bátìrì kan ṣoṣo ni, fóòtì 12. Pọ́ǹpù tó ń jẹ wáàtì 600 máa fa ohun tó lé ní áńpù 50 láti ara bátìrì yẹn, ìyẹn nígbà tó bá ti ń yí lọ. Tó bá fẹ́ gbéra ńkọ́? Wáyà tó gùn tó sì tín-ínrín ò lè gbé e. Fóòtì máa sọnù sójú ọ̀nà, ínfátà á rò pé bátìrì ti tán, á sì pa. Bí wáyà náà ṣe nípọn tó ni kó o béèrè báyìí, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Bọ̀dé Yáàbá: Síbẹ̀, èmi ṣì ní ínfátà yẹn kéré.

Adùnní Sùúrùlérè: Fọ́tò ti dé. Wáyà náà tín-ínrín gan-an, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Ọ̀gá mi ní kí n má tíì sọ nǹkan kan fún bàbá, pé ẹnì kan máa lọ láàárọ̀ ọ̀la.

Oníná Ojúẹlẹ́gbà: Kí ẹni náà mú mítà dání, kó wọn fóòtì lórí bátìrì àti lẹ́nu ínfátà nígbà tí wọ́n bá ń tan omi. Tí orí bátìrì bá wà ní nǹkan bí 12, tí ẹnu ínfátà sì já sí 10, wáyà tàbí ìdè ni. Tí méjèèjì bá jọ já wálẹ̀, bátìrì náà ti ń lọ. Kọ̀wé sí bàbá lálẹ́ yìí pé kí wọ́n má tan omi lórí ínfátà títí dọ̀la, nítorí wáyà yẹn lè gbóná.