Fọ́tò àti ìwé ẹbí: àwọn òbí wà ní Ìbàdàn, ọmọ wà ní Mansẹ́sítà, orí àkáǹtì ta ni kó wà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú àárọ̀ o. Bàbá àti màmá wa wà ní Ìbàdàn, èmi àti àbúrò mi wà ní Mansẹ́sítà. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí gbogbo wa, fóònù bàbá ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo fẹ́ máa san owó Google One kan ṣoṣo, àyè ìpamọ́ Google tí wọ́n ń sanwó fún, kí gbogbo wa jọ máa lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo ló ṣe rí?

Ìyá Ìbejì: WhatsApp tó. Gúrúùpù ẹbí wa ni gbogbo fọ́tò wà.

Àgbà Fọ́tò: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, kò tó. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ níbẹ̀ ti dínkù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Ẹ fẹ ìwé ilẹ̀ lójú, ẹ óò rí i pé nọ́ńbà òǹtẹ̀ ò ṣeé kà mọ́. Tó bá di dandan, "Document" ni kí ẹ tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́.
Ọmọ Mọ́kọ́lá, òfin Google ni pé kí gbogbo ẹni tó wà nínú ìdílé kan máa gbé orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sanwó. Ìwọ àti àbúrò rẹ lè jọ lò ó. Ti àwọn òbí yín, ẹ jẹ́ kó dá dúró.

Lánlọ́ọ̀dù Bódìjà: Irọ́ ni. Màmá mi wà nínú tèmi, Òṣogbo ni wọ́n sì ń gbé.

Àgbà Fọ́tò: Níbo ni wọ́n ti ṣí àkáǹtì náà, ẹ̀gbọ́n?

Lánlọ́ọ̀dù Bódìjà: Lọ́dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n wá gbé ọmọ jó.

Àgbà Fọ́tò: Ẹ ti dáhùn. Àkáǹtì tí wọ́n ṣí sí Nàìjíríà ńkọ́?

Ẹní Bàbá Kú: Èmi ò bá owó jà, nọ́ńbà fóònù ni mo bá jà. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, a fẹ́ wọ àkáǹtì wọn kó fọ́tò. A mọ páswọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Nàìjíríà wọn ni kóòdù ń lọ sí, síìmù náà sì ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó ra kádì sí i. A pe nọ́ńbà náà, ọkùnrin kan ní Kánò ló gbé e. Ó ní síìmù tuntun lòun rà. Títí di òní, a ò rí fọ́tò kankan.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Síìmù Nàìjíríà tèmi ti wà nínú pọ́ọ̀sì láti ìgbà tí mo ti dé Kánádà.

Àbíkẹ́yìn: Èmi náà. Mo ṣì ń fi gba kóòdù báńkì.

Àgbà Fọ́tò: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹní Bàbá Kú, Ọlọ́run á tu yín nínú. Òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ni: bí láìnì bá lo oṣù 6 láìpe ẹnikẹ́ni, láìra kádì, wọ́n lè tì í. Tó bá tún fi oṣù 6 sí i, nọ́ńbà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.
Ohun tó ń gbani ni "Backup codes", kóòdù tí ẹ lè fi wọlé bí síìmù ò bá sí mọ́. Mẹ́wàá ni wọ́n ń fúnni lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kí ẹ sì lọ sí "Inactive Account Manager", ẹ kọ orúkọ ọmọ síbẹ̀. Bí bàbá bá lo oṣù mélòó kan láìwọlé, tó jẹ́ 3, 6, 12 tàbí 18 bí wọ́n bá ṣe yàn, Google á kọ̀wé sí ọmọ náà, á sì jẹ́ kó kó ohun tí bàbá fọwọ́ sí. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún 2, wọ́n lè pa á rẹ́.

Àrẹ̀mọ: Ọwọ́ àkọ́bí ni kí bébà náà wà.

Àbíkẹ́yìn: Nítorí kí ni? Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ló mọ̀ bí fóònù bá sọnù.

Àrẹ̀mọ: Àṣà ni.

Àbíkẹ́yìn: Àṣà ò mọ kóòdù o, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ mi. Fọ́tò bàbá tó gígábáìtì 40. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mọ́kọ́lá ńkọ́?

Àgbà Fọ́tò: Gígábáìtì 15 ni ọ̀fẹ́, ímeèlì sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà àkáǹtì bàbá ò ní gbà á láìsanwó. Bí dátà bá ń gòkè ní mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá, gígábáìtì 40 á gba bí wákàtí 44 láìdúró. Jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ wá láti Ìbàdàn kó gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mórì káàdì, kó o fi wáífáì ilé rẹ gbé e sórí àkáǹtì tìrẹ. Kí fóònù bàbá má gbé ju fọ́tò tuntun lọ. Kí bàbá wá fi "Partner sharing" inú áàpù Google Photos yàn ọ́, kí ìwọ náà tan ìpamọ́ aládàáṣe, kí ẹ̀dà wọn wà lórí tìrẹ.
Kí wọ́n má sì pa fọ́tò rẹ́ nínú áàpù nítorí àyè. Èyí tí wọ́n bá pa níbẹ̀ ń kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ọjọ́ 60 ló ní nínú àpò ìdọ̀tí. "Free up space" ló ń mú un kúrò lórí fóònù nìkan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lánlọ́ọ̀dù Bódìjà: Bàbá gbọ́n.

Ẹní Bàbá Kú: Tiwa ò sí níbì kankan mọ́, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì: Níbo ni wọ́n ti ń rí kóòdù mẹ́wàá yẹn?

Àgbà Fọ́tò: Nínú àkáǹtì Google, "Security & sign-in", "2-Step Verification", lẹ́yìn náà "Backup codes". Ẹ kọ́kọ́ ra kádì sí síìmù náà lónìí.