Kábọ́ọ̀nù 14 tó ṣẹ́ kù jẹ́ 30%: ọdún mélòó ni ère yìí?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kábọ́ọ̀nù 14 tó kù lára ère onígi kan jẹ́ 30%. Ọdún 5,730 ni ìdajì rẹ̀ fi ń pòórá, nítorí náà 50% ló máa kù lọ́dún 5,730, 25% lọ́dún 11,460. Ibẹ̀ yé mi. Mo wá pín àlàfo àárín wọn déédéé, mo rí 10,314. Ṣùgbọ́n t = 5730 × ln(1/0.30) / ln 2 fún mi ní nǹkan bí 9,953. Mo tún méjèèjì ṣe, ibì kan náà ni mo bá ara mi. Ọdún 361 kì í ṣe kékeré! Kí ló dé gan-an tí pípín déédéé fi ń sọ ère náà di àgbà ju bó ṣe yẹ lọ?